IF mọ́kànlá nínú ara wọn fún kóòdù ọjà: ṣé IFS ni kí n lò ni àbí SWITCH?

Olùṣọ́_Ọjà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Kóòdù ọjà tí mò ń tọ́jú nínú Excel rí báyìí: EL-450, PB-120, PT-815. Lẹ́tà iwájú ló ń sọ ìsọ̀rí ọjà, nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e ló ń sọ bó ṣe tóbi tó. Èyí tí kò bá tó 300 jẹ́ kékeré, 300 sí 699 jẹ́ àárín, 700 sókè jẹ́ ńlá. Ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí ṣáájú mi to IF mọ́kànlá sínú ara wọn. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí:

```
=IF(LEFT(A2,2)="EL","Iná",
IF(LEFT(A2,2)="PB","Páìpù",
IF(LEFT(A2,2)="PT","Ọ̀dà", ...
```

Bí ìsọ̀rí tuntun bá ti dé, mo tún ní láti jókòó ka àkámọ́ tó wà lópin lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo gbọ́ pé IFS àti SWITCH lè gbà mí. Èwo nínú méjèèjì ló yẹ irú èyí?

Kọ̀wé_Kíá

IFS ni, ọ̀rẹ́ mi. Pa gbogbo IF tó wà láàárín rẹ́, fi IFS kan ṣoṣo síwájú, kí o sì fi àkámọ́ kan ṣoṣo pa á dé. "Òmíràn" tó wà lópin tẹ́lẹ̀, jẹ́ kó wà níbẹ̀:

```
=IFS(LEFT(A2,2)="EL","Iná",
LEFT(A2,2)="PB","Páìpù",
"Òmíràn")
```

IFS kan gba ìbéèrè tó tó 127, nítorí náà mọ́kànlá kò tó nǹkan lójú rẹ̀.

Olùṣọ́_Ọjà

Mo tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, Excel kò gbà á. Ó kọ "You've entered too few arguments for this function". Mo ti wò ó lókè wò ó nílẹ̀, mi ò rí ohun tó dín níbẹ̀.

Ìyá_Àtẹ

Ohun tó dín ni TRUE. IFS máa ń ka ohun tó wà nínú rẹ̀ ní méjì-méjì: ìbéèrè kan, ìdáhùn rẹ̀, ìbéèrè kan, ìdáhùn rẹ̀. Nígbà tó dé orí "Òmíràn", ó gbà pé ìbéèrè mìíràn ló dé, ó wá ìdáhùn rẹ̀, kò rí i. IF ní àyè tirẹ̀ fún "bí kò bá rí bẹ́ẹ̀", IFS kò ní. Ohun tí a máa ń ṣe ni pé ká kọ `TRUE,"Òmíràn"` sí ìparí, nítorí pé ìbéèrè tí a pè ní TRUE, bẹ́ẹ̀ ni ni ìdáhùn rẹ̀ nígbà gbogbo. Bí o bá yọ TRUE àti "Òmíràn" kúrò pátápátá, fọ́múlà á ṣiṣẹ́, àmọ́ kóòdù tí kò bá sí nínú rẹ̀ á gbé #N/A jáde.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe IFS ni mo máa lò fún ti lẹ́tà. Wo fọ́múlà rẹ dáadáa: ìbéèrè kan náà lo ń bi í lẹ́ẹ̀mọkànlá. "Kí ni lẹ́tà méjì àkọ́kọ́?" Ìdáhùn nìkan ló ń yí padà. Ibi tí SWITCH ti wúlò gan-an nìyí. O bi í lẹ́ẹ̀kan, o wá to àwọn ìdáhùn sílẹ̀:

```
=SWITCH(LEFT(A2,2),
"EL","Iná",
"PB","Páìpù",
"PT","Ọ̀dà",
"TL","Irinṣẹ́",
"ṢÀYẸ̀WÒ")
```

Alt+Enter ni wàá fi bọ́ sí ìlà tuntun nínú fọ́múlà. Kò ní da ìṣirò rú, ojú rẹ á sì lè tẹ̀ lé e láti òkè délẹ̀. Bí ìsọ̀rí tuntun bá dé, ìlà kan péré lo máa fi kún un, àkámọ́ kò ní yí padà.

Ohun kan wà tó yẹ kí o mú lọ́wọ́. Nínú SWITCH, èyí tó dá wà lópin ni Excel ń gbé jáde nígbà tí kò bá rí ohun tó bára mu. Kò fẹ́ TRUE níwájú. Bí o bá lọ kọ `TRUE,"ṢÀYẸ̀WÒ"` sí i bíi ti IFS, Excel kò ní bínú, kò ní sọ nǹkan kan. Á kàn kà á sí méjì mìíràn: "bí lẹ́tà náà bá jẹ́ TRUE, gbé ṢÀYẸ̀WÒ jáde." Kò sí ọjọ́ tí "EL" máa jẹ́ TRUE, nítorí náà kóòdù tí kò sí nínú rẹ̀ á padà di #N/A, wàá sì máa wò ó pé ṣebí o fi ìparí sí i.

Ti bó ṣe tóbi tó, IFS ni. Kì í ṣe pé ohun kan bá ohun kan mu níbẹ̀, ààlà ló wà níbẹ̀: kò tó 300, kò tó 700.

Kọ̀wé_Kíá

Ẹ ṣeun, Ìyá. Mo gbà lórí TRUE yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ ò ní sọ pé SWITCH kò lè ṣe ti ààlà náà. Bí a bá kọ `SWITCH(TRUE, ...)` ká wá to àwọn ìbéèrè tẹ̀ lé e, ó ń ṣiṣẹ́. Mo ti lò ó.

Ìyá_Àtẹ

Ó ń ṣiṣẹ́ o. Èyí tó bá kọ́kọ́ jẹ́ TRUE ló máa mú, ó sì ní àǹfààní pé ìparí rẹ̀ kò fẹ́ TRUE mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá máa gba fáìlì yẹn lọ́wọ́ rẹ ní láti dúró ronú kó tó mọ ohun tí ò ń ṣe. IFS sọ ọ́ ní tààràtà.

Ọmọ_Lẹ́jà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un. Èmi ti yí gbogbo tèmi sí SWITCH. Ó dára lórí kọ̀ǹpútà mi. Mo fi fáìlì ránṣẹ́ sí ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ó ṣí i, ó dára. Bó ṣe yí kóòdù kan padà báyìí ni ìlà yẹn di #NAME?. Nígbà tó tẹ sẹ́ẹ̀lì náà, ohun tó rí ni `_xlfn.SWITCH`. Ṣé fáìlì mi ló bàjẹ́ ni?

Ìyá_Àtẹ

Fáìlì rẹ kò bàjẹ́. Excel tó wà lọ́wọ́ ẹni yẹn ni kò mọ SWITCH. IFS àti SWITCH wà nínú Excel 2019 àti àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sì wà nínú Microsoft 365. Excel 2016 tí èèyàn rà lẹ́ẹ̀kan kò ní wọn. Ìdí tí fáìlì fi dára nígbà tó kọ́kọ́ ṣí i ni pé èsì tí kọ̀ǹpútà tìrẹ ti ṣírò ló ṣì wà nínú sẹ́ẹ̀lì. Ìgbà tí Excel tirẹ̀ wá fẹ́ tún un ṣírò ni ó rí orúkọ tí kò mọ̀. `_xlfn.` tó wà níwájú yẹn ni àmì rẹ̀, kì í ṣe ìwọ lo tẹ̀ ẹ́.

Olùṣọ́_Ọjà, èyí kan ìwọ náà. Kí o tó yí ohunkóhun padà, béèrè irú Excel tó wà lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó ń ṣí fáìlì yẹn. LibreOffice mọ méjèèjì láti 5.2, Google Sheets náà mọ̀ wọ́n. Bí ẹnì kan péré bá ṣì wà lórí 2016, IF rẹ kò burú tó bí o ṣe rò. Láti Excel 2007 wá, o lè to IF 64 sínú ara wọn. Méje péré ni àwọn tó ṣáájú rẹ̀ ń gbà.

Olùṣọ́_Ọjà

Mo béèrè: gbogbo wa la wà lórí 365. SWITCH ti ṣiṣẹ́, ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan méjì ṣì ń dà mí láàmú.

Èkíní, àwọn kóòdù kan wà tí mo fi ojú ara mi rí pé EL ni wọ́n, síbẹ̀ ṢÀYẸ̀WÒ ló ń jáde. Èkejì, ti bó ṣe tóbi tó. "Ńlá" ló kọ síwájú gbogbo wọn, títí kan PB-120. Èyí tí mo bá níbẹ̀ nìyí:

```
=IF(MID(A2,4,3)<300,"Kékeré",
IF(MID(A2,4,3)<700,"Àárín","Ńlá"))
```

Ó ti pẹ́ tó ti ń kọ "Ńlá", kò sẹ́ni tó wo òpó yẹn rí.

Kọ̀wé_Kíá

Bí o ṣe tò ó ni ìṣòro. Bẹ̀rẹ̀ láti òkè: `>=700` ni kó ṣáájú, kí `>=300` tẹ̀ lé e, kí ìyókù jẹ́ Kékeré. Fi IFS kọ ọ́ báyẹn, á gún.

Olùṣọ́_Ọjà

Mo ti ṣe é. "Ńlá" náà ṣì ni gbogbo wọn.

Ìyá_Àtẹ

Yóò máa jẹ́ Ńlá bẹ́ẹ̀ ni, ibi yòówù kó ti bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe bó ṣe tò ó ló fà á.

MID máa ń gé ọ̀rọ̀ jáde ni. Bó tilẹ̀ jẹ́ 120 lo rí, ọ̀rọ̀ tó ní àmì mẹ́ta ni, "120", kì í ṣe nọ́ńbà. Nígbà tí Excel bá fi ọ̀rọ̀ wé nọ́ńbà, òfin tirẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ tóbi ju nọ́ńbà lọ, nọ́ńbà yòówù kó jẹ́. "120" tóbi ju 300 lójú rẹ̀. "001" tóbi ju 700. Nítorí náà `<300` jẹ́ FALSE fún gbogbo ìlà, `<700` jẹ́ FALSE fún gbogbo ìlà, gbogbo wọn sì já sí "Ńlá". Nígbà tí o yí i padà, `>=700` ló ṣáájú, ó sì jẹ́ TRUE fún gbogbo ìlà. Ọ̀nà méjì, ibì kan náà. Ohun tó le níbẹ̀ ni pé kò sí àṣìṣe kankan tó jáde, èsì tó dà bí èsì gidi ló ń kọ.

Bí o bá fẹ́ fi ojú ara rẹ rí i, tẹ `=ISNUMBER(MID(A2,4,3))` sínú sẹ́ẹ̀lì kan. FALSE ló máa kọ. Lẹ́yìn náà tẹ `=MID(A2,4,3)` nìkan, wàá rí i pé apá òsì sẹ́ẹ̀lì ló fara tì. Nọ́ńbà gidi, apá ọ̀tún ló máa ń fara tì, àyàfi tí ẹnì kan bá ti yí i padà.

Fi VALUE sọ ọ́ di nọ́ńbà kí o tó fi wé nǹkan:

```
=IFS(VALUE(MID(A2,4,3))<300,"Kékeré",
VALUE(MID(A2,4,3))<700,"Àárín",
TRUE,"Ńlá")
```

Jẹ́ ká tẹ̀ lé e. PB-120: 120 kò tó 300, Kékeré, ó dúró níbẹ̀. EL-450: kì í ṣe pé kò tó 300, ó kọjá, kò tó 700, Àárín. PT-815: kọjá, kọjá, TRUE mú un, Ńlá. Ọ̀rọ̀ ìtòlẹ́sẹẹsẹ tí Kọ̀wé_Kíá sọ yẹn wá ní àyè tirẹ̀ báyìí. Bí o bá fi `<700` ṣáájú `<300`, 120 náà kò tó 700, á di Àárín, "Kékeré" kò sì ní jáde láéláé. Èyí tó bá kọ́kọ́ jẹ́ òótọ́ ni IFS ń mú, kò wá èyí tó bá a mu jù.

Ohun kan náà ń ṣẹlẹ̀ nínú SWITCH fún àwọn tí kóòdù wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà. `SWITCH(LEFT(A2,2),10,"Iná")` kò ní bá a mu láé, nítorí ọ̀rọ̀ ni LEFT gbé wá. `"10"` pẹ̀lú àmì àyọlò ló yẹ.

Olùṣọ́_Ọjà

Háà! Ìyá, ẹ ṣeun púpọ̀. Ó ti yàtọ̀ síra wọn báyìí. Kékeré wà, Àárín wà.

Aláyọ̀

Èmi rò pé mo mọ ìdí tí EL fi ń jẹ́ ṢÀYẸ̀WÒ. Ẹ má lo LEFT rárá, ẹ fi ìràwọ̀ sí i: `SWITCH(A2,"EL*","Iná")`. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń wá nǹkan nínú COUNTIF, ó sì ń mú gbogbo ohun tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú EL.

Ìyá_Àtẹ

COUNTIF mọ ìràwọ̀, SWITCH kò mọ̀ ọ́n. Lójú SWITCH, "EL*" jẹ́ lẹ́tà méjì àti ìràwọ̀ kan, ohun tó bá jẹ́ EL* gẹ́lẹ́ ló máa mú. IF pẹ̀lú `=` náà kò mọ̀ ọ́n. LEFT ni kó máa lò.

Ti EL rẹ, mo fura sí àlàfo. Yan ọ̀kan nínú àwọn tó kọ̀ jálẹ̀, kí o tẹ `=LEN(A7)` sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. EL-450 jẹ́ àmì mẹ́fà. Bó bá kọ 7, nǹkan kan wà tí ojú kò rí. Bí àlàfo bá wà níwájú, lẹ́tà méjì àkọ́kọ́ á jẹ́ àlàfo àti E, SWITCH kò sì ní irú rẹ̀.

Olùṣọ́_Ọjà

7 ló kọ lóòótọ́. Mo fi TRIM sí i, àwọn kan bọ́ sípò. Àwọn kan kò gbọ́, wọ́n ṣì jẹ́ 7 lẹ́yìn TRIM.

Ìyá_Àtẹ

Tẹ `=UNICODE(LEFT(A7,1))` fún ọ̀kan nínú àwọn tí kò gbọ́ yẹn. 32 ni àlàfo tí bọ́tìnnì gígùn máa ń tẹ̀, òun ni TRIM mọ̀. Bó bá jẹ́ 160, àlàfo tó wá láti ojú ìwé orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni, TRIM kì í fọwọ́ kàn án. Ẹnì kan ti dà á kọ láti ibẹ̀ wá sínú ṣíìtì rẹ.

Olùṣọ́_Ọjà

160 ni. Òótọ́ ni, láti ojú ìwé àwọn tó ń kó ọjà wá fún wa ni wọ́n ti ń dà á kọ.

Mo tún rí nǹkan mìíràn bí mo ṣe ń wá èyí. Kì í ṣe gbogbo kóòdù ló ní lẹ́tà méjì. PT ni ọ̀dà ògiri, PTX ni ọ̀dà irin: PTX-240, PTX-815. Nínú IF àtijọ́, wọ́n da méjèèjì pọ̀ sí "Ọ̀dà". PTX-815 sì tún kọ "Kékeré" báyìí. Kò yé mi.

Ìyá_Àtẹ

Ó ṣeun tí o rí ìyẹn, ó wà lára èyí tó máa ń fara pa mọ́ jù. `MID(A2,4,3)` bẹ̀rẹ̀ láti àmì kẹrin. Nínú PT-815, àmì kẹrin ni 8. Nínú PTX-815, àmì kẹrin ni dáàṣì. Nítorí náà "-81" ló gé jáde, VALUE sì kà á sí nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ òdo. -81 kò tó 300, ó di Kékeré. Kò sí àṣìṣe, kò sí àmì pupa. Ìdí nìyí tí mi ò fi fẹ́ràn kí èèyàn máa ka àmì pẹ̀lú nọ́ńbà tí a ti so mọ́ ibì kan. Jẹ́ kí dáàṣì fúnra rẹ̀ sọ ibi tí lẹ́tà parí sí.

Mo máa gbà ọ́ nímọ̀ràn pé kí o pín iṣẹ́ náà sí òpó mẹ́ta kí o tó dé orí SWITCH. Òpó B fọ kóòdù mọ́, C mú lẹ́tà, D mú nọ́ńbà:

```
B2  =TRIM(SUBSTITUTE(A2,UNICHAR(160)," "))
C2  =LEFT(B2,FIND("-",B2)-1)
D2  =VALUE(MID(B2,FIND("-",B2)+1,3))
```

Lẹ́yìn náà, fọ́múlà méjèèjì á wá kúrú:

```
E2  =SWITCH(C2,"EL","Iná","PB","Páìpù",
    "PT","Ọ̀dà ògiri","PTX","Ọ̀dà irin","ṢÀYẸ̀WÒ")
F2  =IFS(D2<300,"Kékeré",D2<700,"Àárín",TRUE,"Ńlá")
```

Èyí tó wà níbẹ̀ kì í ṣe gbogbo mọ́kànlá rẹ, wàá fi ìyókù kún un. PT àti PTX kò ní dàrú mọ́ ara wọn, nítorí SWITCH ń wá èyí tó bára mu pátápátá, kì í ṣe èyí tó bẹ̀rẹ̀ bákan náà.

Bí kóòdù kan bá wà tí kò ní dáàṣì, FIND á gbé #VALUE! jáde ní C, E náà á sì di #VALUE!. "ṢÀYẸ̀WÒ" kò ní bò ó. Ohun tó wà lópin SWITCH, fún èyí tí kò bára mu ni, kì í ṣe fún àṣìṣe. Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. O fẹ́ mọ̀ pé kóòdù tí kò ní dáàṣì wà nínú ṣíìtì rẹ.

Aṣètò

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí láti òwúrọ̀, mo sì bọ̀wọ̀ fún Ìyá. Ṣùgbọ́n èmi kò rí ìdí tí ìsọ̀rí ọjà fi gbọ́dọ̀ wà nínú fọ́múlà rárá. Orúkọ ìsọ̀rí kì í ṣe ìṣirò. Ẹ kó lẹ́tà sí K, ẹ kó ìsọ̀rí sí L, kí fọ́múlà lọ wá a níbẹ̀:

```
=IFNA(VLOOKUP(C2,$K$2:$L$13,2,FALSE),"ṢÀYẸ̀WÒ")
```

Ẹ má gbàgbé FALSE o, láìsí i VLOOKUP á máa mú èyí tó sún mọ́ ọn. Ìsọ̀rí tuntun dé? Ẹ tẹ ìlà kan sí ìsàlẹ̀ àtẹ, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí `$L$13` dé ibẹ̀. Ẹni tí kò mọ fọ́múlà lè ṣe é. Ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí Excel 2016 tí Ọmọ_Lẹ́jà ń ké lé lórí yẹn. SWITCH tí wọ́n dà kọ sí ìlà 400, bí ẹnì kan bá tún un ṣe ní ìlà kan tó gbàgbé ìyókù, ta ló máa mọ̀?

Ọmọ_Lẹ́jà

Èyí gan-an ni mo nílò. Mo máa yí tèmi padà sí VLOOKUP.

Ìyá_Àtẹ

Aṣètò, ọ̀rọ̀ rẹ jóòótọ́, pàápàá fún ẹni tí ìsọ̀rí rẹ̀ ń pọ̀ sí i lóṣooṣù. Mi ò ní to ogún sínú SWITCH. Ṣùgbọ́n àtẹ náà ní ewu tirẹ̀. Mo ti rí i tí wọ́n pa ṣíìtì tí àtẹ wà lórí rẹ̀ rẹ́ nítorí pé wọn kò mọ ohun tó ń ṣe níbẹ̀, gbogbo òpó sì di #REF!. SWITCH gbé ohun tó nílò dání. Bí ìsọ̀rí bá jẹ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún tí kì í yí padà, mo máa fi sínú fọ́múlà láìbẹ̀rù. Ti Kékeré, Àárín àti Ńlá yẹn, mi ò ní kọ́ àtẹ fún mẹ́ta.

Aṣètò

Èmi á kọ́ ọ. Ọjọ́ tí wọ́n bá sún 700 sí 750, sẹ́ẹ̀lì kan ni mo máa tún ṣe.

Kọ̀wé_Kíá

Mo fẹ́ béèrè nípa "ṢÀYẸ̀WÒ" yẹn. Kí ló dé tí kò fi jẹ́ "Òmíràn" bíi ti tẹ́lẹ̀? Nínú ìròyìn, ó mọ́ lójú ju pé kí gbogbo ibẹ̀ máa pariwo.

Ìyá_Àtẹ

Nítorí pé "Òmíràn" dà bí ìsọ̀rí gidi. Lẹ́tà tí ẹnì kan ṣì tẹ̀, bíi LE dípò EL, á wọ inú rẹ̀ láìsí ariwo, wọ́n á sì kà á mọ́ àròpọ̀ Òmíràn lópin oṣù. Tó bá jẹ́ tèmi nìkan ni, mi ò tilẹ̀ ní fi nǹkan kan sí ìparí SWITCH, #N/A ni kó gbé jáde, kó máa hàn sí gbogbo ojú títí a ó fi tún un ṣe.

Olùṣọ́_Ọjà

Ọ̀gá mi kò lè rí #N/A nínú ìròyìn kó má pè mí. ṢÀYẸ̀WÒ ni mo máa lò.

Aṣètò

Kí ó máa pè ọ́ kẹ̀? Ìyẹn ló yẹ kó ṣẹlẹ̀. Èmi àti Ìyá pàdé lórí èyí.

Ìyá_Àtẹ

Jẹ́ kó lo ṢÀYẸ̀WÒ, Aṣètò, níwọ̀n ìgbà tó bá fi COUNTIF kan sí orí ṣíìtì tó ń ka iye rẹ̀.

Kí o tó pa IF àtijọ́ rẹ́, Olùṣọ́_Ọjà, jẹ́ kó wà ní G fún ìgbà díẹ̀. Yí ìparí SWITCH sí "Òmíràn" fúngbà yẹn kí wọ́n lè máa sọ ohun kan náà. Kọ `=E2=G2` sí H, fà á dé ìsàlẹ̀, kí o wá ka iye tó yàtọ̀:

```
=COUNTIF(H2:H400,FALSE)
```

Ìlà tó bá yàtọ̀, o gbọ́dọ̀ lè sọ ìdí rẹ̀. Àwọn tó ní àlàfo níwájú á yàtọ̀, ọ̀dà náà á yàtọ̀, ìyẹn dára. Èyí tí o kò bá lè sọ ìdí rẹ̀ ni kí o jókòó tì.

Olùṣọ́_Ọjà

Mo ti ṣe é. 23 ló yàtọ̀. Mo ti rí ìdí gbogbo wọn àyàfi àwọn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú TL. SWITCH mi sọ pé "Àkàbà", IF àtijọ́ sọ pé "Irinṣẹ́". Mo lọ ka IF náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin: TL wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì! Ó wà ní ipò kẹrin pẹ̀lú Irinṣẹ́, ó tún wà ní ipò kẹsàn-án pẹ̀lú Àkàbà. Nígbà tí mò ń kọ ọ́ sínú SWITCH, Àkàbà ni mo kọ nítorí pé òun ló kẹ́yìn.

Ìyá_Àtẹ

Nínú IF, ti kẹrin ló máa ń mú un, ti kẹsàn-án kò dáhùn rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ ọ́. SWITCH náà, bí o bá kọ TL sí i lẹ́ẹ̀mejì, èyí tó ṣáájú ló máa mú, kò ní kìlọ̀ fún ọ.

Aṣètò

VLOOKUP náà, èyí tó ṣáájú ló ń mú. Ṣùgbọ́n lórí àtẹ, `=COUNTIF($K$2:$K$13,K2)` lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan á fi hàn ọ́ lójú ẹsẹ̀, èyí tó bá ju 1 lọ ti di méjì. Nínú fọ́múlà, ojú lo máa fi wá a.

Olùṣọ́_Ọjà

Ó dáa, mo gbà fún yín lórí èyí, ẹ̀gbọ́n Aṣètò. Ìsọ̀rí á lọ sórí àtẹ, ti Kékeré àti Ńlá á dúró nínú IFS. Ti TL, kì í ṣe fọ́múlà ló lè sọ ọ́. Mo ti kọ̀wé sí àwọn tó ń fún ọjà ní kóòdù, kí wọ́n sọ fún mi bóyá àkàbà ní lẹ́tà tirẹ̀. Títí wọ́n á fi dá mi lóhùn, mo ti yọ TL kúrò pátápátá, ṢÀYẸ̀WÒ ló ń kọ síwájú wọn.